Ohùn NVDA ń sáré, ó tún ń pa Yorùbá lára: bí a ṣe ń tún un tò

Ohun mẹ́ta ni àwọn aláìríran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láptọ́ọ̀pù máa ń pè mí sí. Wọ́n dín ìyára ohùn kù lánàá, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti padà sí eré àsápajúdé tó ń sá tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ohùn tuntun kún kọ̀ǹpútà, wọ́n wá a tì nínú NVDA, akàwé tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún wa. Wọ́n ṣí ìwé ìròyìn Yorùbá, ohun tí wọ́n gbọ́ kò jọ Yorùbá, kò sì jọ Òyìnbó. Ọ̀nà ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, àmọ́ àwọn ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀. Wọ́n á yí ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á dákẹ́, ó di kí a máa wá ẹni tó ríran kiri àdúgbò.

Èmi náà kò ríran, NVDA ni mo sì ń lò lójoojúmọ́ lórí Windows. Bí mo ṣe ń ṣe é fún ara mi ni mo kọ síbí. Ẹ má fo ìpele kankan, pàápàá ti àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ nílò

Kọ̀ǹpútà tó ní Windows 10 tàbí Windows 11, tí NVDA ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ tà á fún yín. Ẹ nílò íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìpele kẹta nìkan. Ẹ wá gbohùngbọ́ etí bí ẹ bá rí, torí inú ariwo jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni a ti ń mọ̀ bóyá ohùn ń sáré jù.

Bọ́tìnnì tí a ń pè ní NVDA nínú gbogbo àlàyé yìí ni Insert. Bí ẹ bá ti yan Caps Lock dípò rẹ̀ nígbà tí ẹ ń to NVDA, Caps Lock ni kí ẹ máa tẹ̀. Bí mo bá kọ NVDA+N, ẹ di bọ́tìnnì NVDA mú, kí ẹ sì tẹ N.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà àbọ̀

NVDA máa ń fi gbogbo àyípadà pamọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á. Ìrànlọ́wọ́ ló dà bí, àmọ́ bí ẹ bá ti ba ohùn jẹ́, tí ẹ sì fi ìbẹ̀rù pa NVDA, ìbàjẹ́ yẹn náà ló ti fi pamọ́ fún yín un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba agbára yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+G. Ibi ètò tó jẹ mọ́ NVDA lápapọ̀ á ṣí.
2. Ẹ fi Tab rìn títí ẹ ó fi gbọ́ `Save configuration when exiting NVDA`. Ẹ fi Space yọ àmì tó wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter.
3. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+C. Òun ló ń fi ètò pamọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, àyàfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni àyípadà yóò dúró.

Ọ̀nà àbọ̀ fúnra rẹ̀ ni NVDA+Ctrl+R. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, NVDA á padà sí bí ẹ ṣe fi pamọ́ gbẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ má fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ léraléra o. Ẹ̀ẹ̀mẹta kíákíá túmọ̀ sí pé kí NVDA pa gbogbo ètò yín rẹ́, kó padà sí bó ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n fi í sórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan tí mo ń kọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gbá ẹ̀fọn. Iṣẹ́ oṣù méjì rẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ewu kan tún wà tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láìnídìí. NVDA+Ctrl+S ló ń ṣí ibi tí a ti ń yan ẹ̀rọ ohùn. Bí ìka yín bá tàsé Ctrl, NVDA+S ni ẹ tẹ̀ yẹn, ìyẹn sì ń yí bí NVDA ṣe ń sọ̀rọ̀ padà: ó lè dákẹ́ pátápátá tàbí kó máa ké píp-píp. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ máa tẹ NVDA+S ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ ọfà lẹ́yìn rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ti ń sọ̀rọ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́:* ẹ yí ìyára ohùn padà díẹ̀ (ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀), ẹ má fi pamọ́, kí ẹ wá tẹ NVDA+Ctrl+R lẹ́ẹ̀kan. Ohùn gbọ́dọ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ má tíì lọ síwájú.

Ìpele 2: Ìyára

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ ohùn tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+S, ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lórí Windows 10 àti 11, `Windows OneCore voices` ló sábà máa ń jẹ́. Èkejì tó bá NVDA wá ni `eSpeak NG`. OneCore ń dún bí ènìyàn díẹ̀, eSpeak ń dún bí irin. Àwa tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ fẹ́ràn irin yẹn, torí pé bó ti wù kó sáré tó, kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, ó sì máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ tí a bá tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìyára tirẹ̀ tó fi pamọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dín ìyára OneCore kù, tí ẹ wá bọ́ sórí eSpeak, ìyára tí eSpeak ní tẹ́lẹ̀ ni ẹ máa bá. Nọ́ńbà 40 lórí èkíní kì í sì í ṣe 40 lórí èkejì.

Ti eSpeak rọrùn láti ṣírò. Nínú NVDA, 0 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 80 ní ìṣẹ́jú kan, 100 rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 450. Nípa bẹ́ẹ̀, 25 súnmọ́ ọ̀rọ̀ 170, tó dà bí ẹni tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. 40 súnmọ́ 230. 60 súnmọ́ 300.

1. Ẹ di NVDA àti Ctrl mú, kí ẹ máa tẹ ọfà ọ̀tún títí ẹ ó fi gbọ́ `Rate`. Bí ẹ bá ti sọ fún NVDA pé láptọ́ọ̀pù ni bọ́tìnnì yín, ẹ fi Shift kún un: NVDA+Shift+Ctrl+ọfà.
2. Ẹ ṣì di wọ́n mú, kí ẹ tẹ ọfà òkè láti fi kún ìyára, ọfà ìsàlẹ̀ láti dín in kù. Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yí i ní 5.
3. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi eSpeak sí 20 tàbí 25.
4. Ẹ ṣí ìwé tí ẹ kò tíì kà rí, kí ẹ jẹ́ kó kà á lọ: NVDA+ọfà ìsàlẹ̀, tàbí NVDA+A bó bá jẹ́ ètò láptọ́ọ̀pù.
5. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ NVDA+Ctrl+C.

Ẹ má fi ìtàn tàbí ìròyìn dán ìyára wò, nítorí ọpọlọ máa ń fi èrò dí àlàfo tí etí fò. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi dán an. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù mẹ́ta tí ẹ kò mọ̀ lórí, ẹnì kan lè bá yín kọ ọ́, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún un kà síta. Bí ẹ bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì, ẹ fi 5 kún ìyára. Bí ẹ bá ṣì kan ṣoṣo, ẹ padà sẹ́yìn ní 5, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń wo owó nínú báńkì ni ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ kò kánjú.

Ibi ìfàmìsí kan wà tó ń jẹ́ `Rate boost`. Lórí eSpeak, ó ń sọ ìyára di ìlọ́po mẹ́ta. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò yí padà, ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí. Ẹni tó wà ní 60 tó bá fàmì sí i á bọ́ láti ọ̀rọ̀ 300 sí nǹkan bí 900, kò sì ní gbọ́ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Kódà 0 pẹ̀lú `Rate boost` jẹ́ nǹkan bí 240, ó yára ju 40 tí kò ní i lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyára kalẹ̀ sí 5 tàbí 10. Bí ohùn yín bá dà bíi ti ẹyẹ ìbákà láìjẹ́ pé ẹ yí ìyára padà, ẹ lọ wo ibẹ̀: NVDA+Ctrl+V, kí ẹ fi Tab wá `Rate boost`.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́:* ẹ pa NVDA pẹ̀lú NVDA+Q, kí ẹ tún un ṣí pẹ̀lú Ctrl+Alt+N. Ẹ tẹ NVDA+F12 kó sọ aago. Bó bá sọ ọ́ ní ìyára tí ẹ fi pamọ́, ó ti dúró nìyẹn.

Ìpele 3: Ohùn àfikún

Ohun tó ń da àwọn ènìyàn láàmú níhìn-ín ni pé inú NVDA ni wọ́n ti ń wá ohùn tuntun. Ohùn OneCore kì í ṣe ti NVDA, ti Windows ni. Windows ni ẹ máa sọ fún kó lọ gbé e wá. eSpeak ní tirẹ̀ kò nílò ohùn àfikún kankan; gbogbo èdè tó mọ̀ ló kó dání wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnù, tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Faransé, tó sì jẹ́ pé Òyìnbó nìkan ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń sọ.

1. Ẹ tẹ Windows+I, kí ẹ wọ `Time & language`, lẹ́yìn náà `Speech`.
2. Lábẹ́ `Manage voices`, ẹ tẹ `Add voices`.
3. Ẹ kọ `French` sí ibi ìwárí, kí ẹ fàmì sí `French (France)`, kí ẹ tẹ `Add`.
4. Ẹ dúró. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá ṣe rí ni. Ẹ má pa kọ̀ǹpútà. Ẹ máa padà wo àkójọ tó wà níbẹ̀ títí Faransé yóò fi hàn nínú rẹ̀.
5. Ẹ pa NVDA, kí ẹ tún un ṣí.
6. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+S, ẹ yan `Windows OneCore voices`, ẹ tẹ Enter. Lẹ́yìn náà NVDA+Ctrl+V, kí ẹ fi Tab dé `Voice`, kí ẹ fi ọfà wá Hortense, Julie tàbí Paul.

Bí ẹ kò bá rí i, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, ẹ ṣì wà lórí eSpeak, àkójọ eSpeak ni ẹ sì ń wò. Èkejì ni pé ibi ètò Narrator ni ẹ ti gba ohùn. Narrator, tó jẹ́ akàwé ti Windows fúnra rẹ̀, ní àwọn ohùn dáradára kan tí Windows 11 ń pè ní `natural voices`, irú bíi Jenny àti Aria. Ẹ lè gbà wọ́n tán, kí ẹ gbọ́ wọn nínú Narrator, síbẹ̀ wọn kò ní hàn nínú àkójọ ohùn NVDA. Ẹ má tún wọn gbà lẹ́ẹ̀mejì, dátà yín ni ẹ ń fi ṣòfò.

Nígbà tí Faransé bá ti wọlé, ẹ kò nílò láti máa yí ohùn fúnra yín lórí gbogbo ojú ìwé. Ẹ padà sí NVDA+Ctrl+V, kí ẹ rí i pé àmì wà ní `Automatic language switching`. Ojú ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti sàmì sí pé Faransé ni, ohùn Faransé ni yóò kà á. Tí Òyìnbó, ohùn Òyìnbó. Ìwé tí wọ́n kò sàmì sí, ohùn tí ẹ yàn ni yóò kà á.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́:* ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ jẹ́ kó ka ìlà Faransé kan. Orí kọ̀ǹpútà yín ni ohùn OneCore ń gbé, kò nílò dátà láti sọ̀rọ̀. Bó bá kà á, ẹ fi pamọ́.

Ìpele 4: Yorùbá

Kò sí ohùn Yorùbá nínú àkójọ tí Windows ń fún wa. Èdè Yorùbá wà fún bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ohùn ni kò sí. Ẹ tún wo ti eSpeak fúnra yín: níbi `Voice`, ẹ tẹ lẹ́tà Y. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá, ẹ yàn án, kí ẹ fi ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Bí kò bá sí, ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń yá ohùn Swahili lò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Swahili? Fáwẹ̀lì rẹ̀ ṣe gbọnmọ bíi tiwa. Ohùn Òyìnbó á pe "ile" bí ẹni ń pe erékùṣù lédè wọn. Ti Swahili á pè é ní i-le. Ó mọ `sh`, ó sì ń pe `j` lọ́nà tó súnmọ́ tiwa. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni `p` àti `gb`, etí máa ń mọ́ wọn lára láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ kọ ìlà yìí sínú Notepad, ká fi ṣiṣẹ́: *Ọ̀rẹ́ mi ṣe ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.*

Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, kí Òyìnbó yín má bàa di Swahili:

1. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+P. Ẹ tẹ `New`, ẹ sọ ọ́ ní Yoruba, ẹ fi í sílẹ̀ ní `Manual activation`, ẹ tẹ Enter.
2. Ẹ padà sí NVDA+Ctrl+P, kí ẹ dúró lórí Yoruba. Bí bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ bá ń jẹ́ `Manual deactivate`, ó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń jẹ́ `Manual activate`, ẹ tẹ̀ ẹ́.
3. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+S, ẹ yan `eSpeak NG`.
4. Nínú NVDA+Ctrl+V, ẹ yan Swahili níbi `Voice`. Ẹ wá yọ àmì kúrò ní `Automatic language switching`. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé Yorùbá ni wọ́n sàmì sí pé Òyìnbó ni, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ojú ìwé náà á já ohùn gbà lọ́wọ́ Swahili.
5. Ẹ fi ìyára sí ìsàlẹ̀ ti Òyìnbó yín ní 10 tàbí 15.
6. Ẹ tẹ NVDA+Ctrl+C.

Ẹ wá jẹ́ kó ka ìlà ọbẹ̀ yẹn. Ó ṣeé ṣe kó kọsẹ̀ lórí ẹ, ọ àti ṣ, tàbí kó fò wọ́n. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sí nínú Swahili. A ó tún un ṣe pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ tí NVDA ní fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ NVDA+N, `Preferences`, `Speech dictionaries`, `Voice dictionary`. Ẹ má yan `Default dictionary` o, torí ìyẹn á kan gbogbo ohùn. `Voice dictionary` ń kan ohùn Swahili yìí nìkan.

Ẹ tẹ `Add` lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ fi ìkọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sí `Pattern`, kí ẹ sì yan `Regular expression` níbi `Type`:

```
\u1e63|s\u0323
\u1eb9
\u1ecd
[\u0300\u0301\u0323]
```

Níbi `Replacement`, ẹ kọ sh fún ti àkọ́kọ́, e fún ìkejì, o fún ìkẹta. Ẹ fi ti ìkẹrin sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má da ètò wọn rú, torí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra ni NVDA ṣe ń lò wọ́n. Bí ìkẹrin bá ṣáájú, á ti yọ àmì abẹ́ s kúrò kí ti àkọ́kọ́ tó dé, "ṣe" á sì di "se".

Ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi ní apá méjì ni pé ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà tẹ ṣ. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kan á tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ lẹ́tà kan, òmíràn á tẹ s kó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ẹni tó ríran, ọ̀kan náà ni. Létí wa, wọ́n yàtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìwé kan fi ń dún dáadáa tí òmíràn ń dún ráuràu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà níwájú yín, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí lẹ́tà náà, kí ẹ tẹ 2 ti ọwọ́ ọ̀tún ní ẹ̀ẹ̀mẹta kíákíá. Lórí ètò láptọ́ọ̀pù, NVDA+àmì ìdánudúró. NVDA á ka nọ́ńbà rẹ̀. Ẹyọ ẹ jẹ́ 7865, ọ jẹ́ 7885, ṣ jẹ́ 7779. Bí ẹ bá gbọ́ 803, àmì abẹ́ tó dá dúró ni.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́:* ìlà ọbẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ dún bí "ore mi she obe efo". Bó bá ṣì kọsẹ̀ lórí á tàbí è tí kò ní àmì abẹ́, ẹ fi ìlànà kan náà kún un: lẹ́tà olóhùn sí `Pattern`, lẹ́tà òfìfo sí `Replacement`.

Ibi tí ọ̀nà yìí pin sí ni ohùn. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn máa dún. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa ń là á. Bí kò bá là á, ẹ fi ọfà ọ̀tún kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn kò bá sọ àmì náà níbẹ̀, ẹ gbọ́ nọ́ńbà rẹ̀ bí mo ṣe sọ lókè. Bí ẹ bá ń kọ ìwé Yorùbá fún ìtẹ̀jáde, ẹ má gbára lé ohùn yìí láti fi yẹ àmì wò.

Ìpele 5: Bọ́tìnnì kan fún lílọ àti bíbọ̀

Ẹ tẹ NVDA+N, `Preferences`, `Input gestures`. Ẹ wá `Configuration profiles`, ẹ ṣí i pẹ̀lú ọfà ọ̀tún, kí ẹ dúró lórí ìlà tó dárúkọ Yoruba. Ẹ tẹ `Add`, kí ẹ tẹ àpapọ̀ bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́. NVDA+Shift+Y ni tèmi. Ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú `OK`. Kí ẹ tó yàn án, ẹ tẹ NVDA+1, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà láti gbọ́ bóyá ó ní iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ tún tẹ NVDA+1 láti jáde.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló kù níhìn-ín. Nígbà tí Yoruba bá wà lórí iṣẹ́, inú rẹ̀ ni àyípadà ohùn yòówù tí ẹ bá ṣe ń lọ. Ẹni tó bá gbàgbé, tó wá yan ohùn Òyìnbó padà pẹ̀lú ọwọ́, ti ba ètò Yorùbá rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Bọ́tìnnì yẹn ni kí ẹ fi jáde.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́:* ẹ tẹ NVDA+F12, ẹ ó gbọ́ aago ní ohùn Òyìnbó. Ẹ tẹ bọ́tìnnì yín, ẹ tún tẹ NVDA+F12, ó di ti Swahili, ní ìyára tó lọ sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, Òyìnbó á padà pẹ̀lú ìyára tirẹ̀.